Ọjọ́bọ̀ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Bá Mi Yí Padà

Nọ́ńbà méjì ni mo kọ sórí ìwé ìwáṣẹ́ mi, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti bàbá mi. Ó yẹ kí ẹnìkan gbá mi létí lọ́jọ́ tí mo kọ èkejì. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ kò burú o. Òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń lọ bá àwọn òbí mi lóko wọn ní Omifunfun, fóònù mi kì í sì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú níbẹ̀, àfi téèyàn bá gun òkìtì ọ̀gán tó wà lẹ́yìn ilé. Mo ní bí wọn ò bá rí mi, wọ́n á rí bàbá mi. Wọ́n sì rí i lóòótọ́.

Ọjọ́ Ajé kan ni, n kò tíì padà sí Ore. Èmi àti ìyá mi wà lóko, à ń fọ́ kòkó. Bàbá mi ti gun ọ̀kadà lọ sí Ore láti ra òògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó. Ó dúró níwájú ilé ìtajà òògùn nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Obìnrin kan ló ń pè láti Àkúrẹ́, ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó gba èèyàn síṣẹ́. Ó ní òun ti pe nọ́ńbà tèmi títí, kò wọlé. Ó ní wọ́n ti mú mi mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ rí fún íńtáfíù, kí n wá sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bàbá mi dá a lóhùn pé, "Ó máa wá, mà. Kò ní pẹ́ rárá."

Nígbà tó délé tó sọ ọ́, ìyá mi dìde láàárín èèpo kòkó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Èmi náà fò sókè. Ọdún kẹta rèé tí mo ti jáde ilé ìwé. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan nítòsí gáréèjì Ore ni mo jókòó sí látìgbà náà, tí mò ń bá àwọn ẹlòmíì tẹ ìwé ìwáṣẹ́ tiwọn. Iṣẹ́ tí wọ́n wá pè mí fún yìí, ti ẹni tó ń yẹ kóró kòkó wò kí wọ́n tó rà á, mo lè fi ojú dídì ṣe é. Láti kékeré ni mo ti ń gé kóró kòkó sí méjì láti wo inú rẹ̀.

Ìgbà tí ayọ̀ náà rọlẹ̀ díẹ̀ ni mo rántí.

"Bàbá, ṣé kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ yìí náà ni àwọn onílẹ̀ ń bọ̀?"

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀. "Òun náà ni," ó ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn onílẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe, nítorí ibẹ̀ ni inú ti kọ́kọ́ bí mi. Àlejò ni wá níbẹ̀. Apá Ìwó ni bàbá mi ti wá kí wọ́n tó bí mi. Ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan ní Odigbo, ó gbin kòkó sí i, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Kò sí ìwé kankan, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Nígbà tí olórí ẹbí àtijọ́ kú, èyí tó jẹ tẹ̀ lé e ní òun ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òun máa fi yí gbogbo oko àlejò po. Olóko kọ̀ọ̀kan á dúró lórí ààlà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà, ọmọ yẹn á bá wọn rin ààlà náà yí ká, á sì fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Olóko tí kò bá rí ọmọ mú wá, ọjọ́ tó bá kú ni kòkó rẹ̀ di ti onílẹ̀. Àbúrò kọ́ o, ìbátan kọ́, ọmọ bíbí inú ẹni ni wọ́n ń wá. Èmi nìkan ṣoṣo sì ni bàbá mi bí.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni ìránṣẹ́ wọn wá sọ ọjọ́ náà fún wa. Orí ọ̀kadà ló jókòó sí, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí òun lè bí lọ́mọ, ó bi í bóyá wọ́n lè bá wa wá ọjọ́ míì, nítorí ìyẹn bọ́ sáàárín ọjọ́ iṣẹ́ tèmi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin yẹn ní ọ̀nà jíjìn ni olórí ẹbí ti ń bọ̀, pé ẹni tó bá ní iṣẹ́ pàtàkì kó lọ ṣe iṣẹ́ pàtàkì rẹ̀. Ó fi èéfín bò wá mọ́lẹ̀, ó lọ. Títí dòní ni mò ń wá ojú ọkùnrin náà ní Ore.

Nítorí náà, kò sí ohun tí a lè ṣe sí ti onílẹ̀. Ti íńtáfíù nìkan ló kù. Bàbá mi jókòó, ó gbọ́wọ́ lérán, ó ní, "Màá wá nǹkan ṣe sí i."

Mo mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí lẹ́nu bàbá mi. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ bá fẹ́ tọrọ ohun ńlá lọ́wọ́ èèyàn, àgbà kan ló máa ń bá a lọ bẹ̀bẹ̀, bàbá mi sì fẹ́ràn ẹ̀bẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Nígbà tí mo wà ní girama, ó bá mi bẹ ọ̀gá ilé ìwé títí ọ̀gá fi ní kó máa lọ sílé. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àìsàn jẹ́ kí n pàdánù ìdánwò kan. Mo ti bá olùkọ́ náà sọ̀rọ̀, a ti parí ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni bàbá mi wọ ọkọ̀ dé láìsọ fún mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún olùkọ́ náà lójú gbogbo kíláàsì wa. Àwọn ọmọ kíláàsì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi jáde. Mo fẹ́ràn bàbá mi, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yẹn, inú rẹ̀ ni mo máa ń di ọmọ ọdún méje.

"Bàbá," mo ní, "ẹ dákun, ẹ má pe obìnrin yẹn. Èmi ni mo ń wáṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo máa pè é láàárọ̀ ọ̀la."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ti gun ọ̀kadà lọ sí Ore. Ọ̀gá mi, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, ti dé ṣáájú mi. Ìyá àdúrà ni nínú ìjọ aláṣọ funfun kan lójú ọ̀nà Odigbo, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń gbààwẹ̀. Mo ro ọ̀rọ̀ mi fún un. Òun ló sì kọ́kọ́ ní kí n parọ́.

"Sọ pé o wà ní ọsibítù. Sọ pé wọ́n fa omi sí ẹ lára. Ta ló máa ti Àkúrẹ́ wá wò ẹ́?"

"Tí wọ́n bá ní kí n mú ìwé dókítà wá ńkọ́, mà?"

Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wa. "Kí wá ni eléyìí ń ṣe níbí?"

Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé mo mọ́ ju ẹlòmíì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà láti máa sọ òótọ́ nípa ohun tó wà nínú kòkó, ó burú kó jẹ́ pé irọ́ ló máa fi wọlé. Mo ní mi ò ṣe. Kò bínú. Ó kàn fà mí mọ́ra, ó wá sọ ọ̀rọ̀ gidi kan fún mi. Ó ní bí n kò bá ní parọ́, kí n má ṣàlàyé gùn, nítorí òótọ́ tó bá ti gùn jù máa ń dún bí irọ́ létí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ó tún ní kí n má sọ pé "ọjọ́ míì", kí n dárúkọ ọjọ́, kí obìnrin náà lè mọ̀ pé mo ti jókòó rò ó kí n tó pè.

Mo dúró kí aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, kí ó lè ti jókòó sí ọ́fíìsì, kí n sì pè kí iṣẹ́ tó gbà á lọ́kàn. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí bébà kékeré kan. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ tí mo dà kọ látorí fóònù bàbá mi. Ó gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Èmi ni ẹ ní kí n wá fún íńtáfíù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ti ẹni tó ń yẹ kòkó wò."

"Ẹ̀yin gan-an nìyí? Bàbá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí tán ni, lórí Ọjọ́bọ̀ yìí kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè, ohùn rẹ̀ ń já. Ó ní..."

Mo rí i lójú inú mi, lórí òkìtì ọ̀gán yẹn, tí fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún fóònù. N kò jẹ́ kí obìnrin náà parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ti bàbá mi. Kò yẹ kó pè yín. Èmi ni mo ń wáṣẹ́, èmi ni ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Ó dáa," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti tutù. "Mò ń gbọ́."

Mo ka bébà mi bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ jà. Mo ní iṣẹ́ náà wù mí gan-an. Mo ní lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, èmi fúnra mi ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ tí bàbá mi fi ń dáko, pé ẹlòmíì ò lè bá mi fọwọ́ sí i, pé àwọn onílẹ̀ ló sì mú ọjọ́ náà. Mo ní mo lè wá lọ́jọ́ Ẹtì láti aago mẹ́sàn-án, tàbí lọ́jọ́ Ajé nígbàkigbà. Mo ní bí wọ́n bá sì fẹ́ fi fídíò ṣe é, mo lè ṣe é láti Ore lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára níbẹ̀.

"Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì," ó ní. "Àwọn mẹ́ta ló máa jókòó bi yín léèrè, kì í ṣe èmi nìkan. Mi ò ṣèlérí." Ó pa fóònù.

Ọ̀gá mi ní ojú mi ti yí padà. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ lẹ́tà náà bí mo ṣe máa ń fẹ́ kí àwọn oníbàárà wa kọ tiwọn tí wọn kì í gbọ́. "Nítorí ohun tó kọjá agbára mi" ni gbogbo wọn máa ń ní kí n tẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ńlá náà máa bá wọn bo nǹkan mọ́lẹ̀. Tèmi kò ju ojú ìwé kékeré kan lọ. Mo dúpẹ́ pé wọ́n pè mí. Mo tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo sọ ìdí rẹ̀ nínú gbólóhùn kan. Mo tún àwọn ọjọ́ náà kọ pẹ̀lú aago wọn. Mo ní bí kò bá wá ṣeé ṣe rárá, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n mọ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ọjọ́rú, kí n lè pinnu. Mo kọ nọ́ńbà mi sísàlẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà bàbá mi, n kò fi sí i.

Bí mo ṣe fi ránṣẹ́ tán, mo gun ọ̀kadà padà sí Omifunfun. Kò sí ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ ju pé kí n jà lọ. Mo bá bàbá mi níwájú ilé pẹ̀lú àwọn olóko méjì kan, àlejò bíi tiwa, tí wọ́n wá bá a sọ̀rọ̀ nípa Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní làákàyè á dúró kí wọ́n lọ. Èmi ò dúró.

"Ẹ sọ pé ẹ gbọ́! Mo ní kí ẹ má pè é, ẹ ní ẹ gbọ́! Ẹ tún ti bẹ̀bẹ̀ ba nǹkan mi jẹ́. Ó rò pé ọmọdé ni mí. Ó rò pé bàbá mi ló ń dì mí lọ́wọ́ mú lọ síbi iṣẹ́. Ta ló máa gba ẹni tí bàbá rẹ̀ ń bá a pe ọ́fíìsì síṣẹ́? Ìgbà wo ni ẹ máa jẹ́ kí n dàgbà?"

Àwọn olóko méjèèjì wolẹ̀. Ìyá mi jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi mú àdá rẹ̀ nílẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ wo ẹnu àdá náà bóyá ó mú. Mo ń dúró kó sọ̀rọ̀ kí n lè tún rí nǹkan bínú sí. Ó ní, "Ó dáa, má bínú," ó sì wọ inú oko lọ. Ìyẹn tún bí mi nínú sí i. Mo padà sí Ore láìjẹun.

Ọjọ́ Ọjọ́rú, n kò lè tẹ ìwé kan parí. Mo ń ṣí ímeèlì mi, mo ń pa á dé. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì ń bú ara mi pé kí ló dé tí mo fún ẹni tí mo ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbèdéke. Mo ti ń ro ó pé bí wọ́n bá ní rárá, èwo ni màá jọ̀wọ́? Mo mọ èyí tí màá jọ̀wọ́. Kòkó yẹn ni bàbá mi ní láyé, òun ló fi rán mi níwèé. Iṣẹ́ náà ni mo máa pàdánù, màá sì máa bínú sí bàbá mi títí ayé. Bó ṣe rí lọ́kàn mi nìyẹn, n kò ní purọ́.

Ọ̀sán ti ń lọ kí èsì tó dé. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́wàá. Mo dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé mo ti rí i, mo sì ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo rin ààlà. Olórí ẹbí, ìránṣẹ́ rẹ̀ àti akọ̀wé wọn ló tẹ̀ lé mi. Mo fi gbogbo igi tó wà ní igun hàn wọ́n, mo fọwọ́ sí ìwé, wọ́n kọjá sí oko ẹlòmíì. Èmi àti bàbá mi kò sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "káàárọ̀" síra wa.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn ní Àkúrẹ́ kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù. Wọ́n da kóró kòkó síwájú mi, wọ́n fún mi lọ́bẹ, wọ́n ní kí n gé e. Mo sọ èyí tí kò gbẹ fún wọn, mo sọ èyí tí wọn ò jẹ́ kó kan dáadáa kí wọ́n tó sá a, mo fi èyí tó hu nínú hàn wọ́n. Iṣẹ́ yẹn ni mò ń ṣe di òní, nítorí náà, ẹ mọ ibi tó parí sí.

Nígbà tí a ṣe tán, obìnrin tó ń gba èèyàn síṣẹ́ yẹn bá mi rìn jáde. Ó ní, "Ẹ bá mi kí bàbá yín."

Ojú tún tì mí. "Ẹ má bínú sí i, mà. Àgbẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé wọn kì í wá bá èèyàn bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yí ọjọ́ íńtáfíù padà."

Ó dúró. "Ta ló bẹ̀bẹ̀ kí n yí ọjọ́ padà? Kí n má yí i padà ni bàbá yín bẹ̀ mí fún."

Èmi náà dúró, mo yíjú sí i.

"Ó ní ẹ máa pè mí. Ó ní ẹ máa sọ pé ẹ ò lè wá nítorí oko òun, kí n má gbà fún yín, kí n sọ pé Ọjọ́bọ̀ náà ni. Ó ní òun ti gbà kí àwọn onílẹ̀ gba kòkó náà, kí ẹ ṣáà wá síbi iṣẹ́ yín. Kò pẹ́ rárá tó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán tí ẹ pè tí ẹ ní ẹ ò lè wá. Bàbá ní ọmọ òun ń bọ̀ dandan, ọmọ ní òun ò bọ̀. Mo ti fẹ́ pa orúkọ yín rẹ́, mo ní àwọn wọ̀nyí ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Lẹ́tà yín ló jẹ́ kí n pa èrò mi dà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu."

N kò mọ bí mo ṣe wọ ọkọ̀. Láti Àkúrẹ́ dé Ore ni inú ń bí mi, n kò sì rí ẹlòmíì tí mo lè bínú sí mọ́ ju ara mi lọ. N kò yà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo gun ọ̀kadà gba ọ̀nà oko tààrà pẹ̀lú bàtà íńtáfíù lẹ́sẹ̀.

Bàbá mi wà nídìí ẹní tí wọ́n sá kòkó sí, ó ń fi ẹsẹ̀ yí i. Ó ní, "O ti dé? Báwo ni?"

Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. "Bàbá, nígbà tí mo ń pariwo lé yín lórí lójú àwọn èèyàn, kí ló dé tí ẹ ò sọ ohun tí ẹ bá obìnrin yẹn sọ fún mi?"

Ó yí kòkó náà dé ìpẹ̀kun ẹní kó tó dá mi lóhùn.

"O ò bi mí," ó ní. "Ìwọ lò ń sọ fún mi ohun tí mo ṣe."